Ọdún 11 nílé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, dìgírì kẹ́místìrì lọ́wọ́: iṣẹ́ wo ni kí n gbà?

Ìyá Mẹ́ta Òjóò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ọdún 41 ni mí, Òjóò ní Ìbàdàn ni à ń gbé. Mo gboyè nínú kẹ́místìrì lọ́dún 2007, mo ti sin ìlú, mo sì ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní báńkì kan lábẹ́ ilé-iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ tó ń pèsè òṣìṣẹ́ fún báńkì kí n tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ ti pé mẹ́ta báyìí: ọdún 11, ọdún 8 àti ọdún 4.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níwájú mi. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Bódìjà fẹ́ san ₦90,000 lóṣù fún tíṣà kẹ́místìrì. Òmíràn tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé fẹ́ san ₦60,000. Ẹ̀kẹta ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe nǹkan mímu lójú ọ̀nà Èkó: ₦140,000 ni wọn yóò san ní láàbù wọn, ọkọ̀ wọn á sì máa gbé òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan ni iṣẹ́ ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kejì iṣẹ́ òru. Àbújá ni bàbá àwọn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n gba ti ₦140,000, àmọ́ ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Mi ò ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ kankan. Kí lẹ rí sí i?

Ọ̀gá Ṣèsírò

Ẹ kú ìmúra, mà. Iṣẹ́ owó oṣù ni mò ń ṣe, nítorí náà ibi owó ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì fi iye tí wọ́n pè wéra. Ohun tó máa ṣẹ́kù sọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi wéra, torí iṣẹ́ tí wọ́n fi ₦30,000 jura lórí ìwé lè yí padà pátá tẹ́ ẹ bá yọ owó ọkọ̀ àti owó ẹni tí yóò mójú tó ọmọ. Ẹ dá mi lóhùn nǹkan mẹ́rin. Èló ni ọkọ̀ lọ-bọ̀ sí Bódìjà? Ta ni yóò gba ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn sílé nígbà tí wọ́n bá jáde? Ṣé ilé-ìwé tó wà nítòsí máa ń dín owó kù fún ọmọ òṣìṣẹ́? Ṣé wọ́n ń san owó oṣù kẹjọ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi títí ìsinmi fi máa dé bá wọn.

Ìyá Mẹ́ta Òjóò

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ọkọ̀ sí Bódìjà jẹ́ ₦1,200 lójúmọ́, lọ-bọ̀. Ọmọ kékeré máa ń jáde ní aago kan. Tí mo bá wà ní Bódìjà tàbí ní ilé-iṣẹ́, màá san ₦15,000 lóṣù kí wọ́n bá mi dì í mú di ìrọ̀lẹ́. Ilé-ìwé ìtòsí ní àwọn á gba ìdajì owó lọ́wọ́ ọmọ kan. ₦70,000 ni sáà kan, ọmọ kékeré ni màá sì gbé lọ síbẹ̀, á máa dúró dè mí. Bódìjà ń sanwó oṣù kẹjọ ní kíkún. Ti ìtòsí ní àwọn kì í san án rárá. Fún iṣẹ́ òru, àfi kí n wá ẹni tí yóò máa sùn sílé. Mo ti bá obìnrin kan sọ̀rọ̀, ₦45,000 ló ń béèrè, kò tíì kan oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀gá Ṣèsírò

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká gbé e kalẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ nǹkan mímu ni kí n kọ́kọ́ mú. Nínú ₦140,000, wọ́n máa yọ owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ pé gbogbo owó oṣù ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, ₦11,200 nìyẹn. Owó orí tún wà. Lábẹ́ òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, lẹ́yìn náà ni ìdá 15 bẹ̀rẹ̀. Owó yín lọ́dún jẹ́ ₦1,680,000. Tẹ́ ẹ bá yọ owó ìfẹ̀yìntì àti ₦800,000 yẹn, ₦745,600 ni owó orí máa kàn, ó sì máa tó ₦9,320 lóṣù. Ẹ wá yọ ₦45,000 obìnrin yẹn àti ₦15,000 ọmọ kékeré. Ohun tó kù kò ju ₦59,480 lọ, ẹ ò sì tíì fún obìnrin yẹn lóúnjẹ.

Ti Bódìjà: ₦90,000, ẹ yọ ọkọ̀ ọjọ́ 22, ìyẹn ₦26,400, ẹ yọ ₦15,000 ọmọ, ẹ yọ owó orí bíi ₦3,500. Ó ku ₦45,100.

Ti ìtòsí: ₦60,000, kò sí ọkọ̀, kò sí owó ìmójútó ọmọ, owó orí kò kàn án torí ọdún kan rẹ̀ kò tó ₦800,000. Ìdajì owó ilé-ìwé tí wọ́n dín kù jẹ́ ₦35,000 ní sáà kan, ₦105,000 lọ́dún, ₦8,750 lóṣù. Ẹ wá yọ oṣù kẹjọ tí wọn ò ní san, tí í ṣe ₦5,000 tẹ́ ẹ bá pín in sórí oṣù méjìlá. Ó ku ₦63,750.

Iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn fojú rénà ló ga jù.

Adúróṣinṣin

Ọ̀gá, ẹ ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ti fìyà jẹ Bódìjà díẹ̀. Tíṣà kì í wọkọ̀ nígbà ìsinmi. Tẹ́ ẹ bá kó ìsinmi sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ó máa ń tó oṣù mẹ́ta lọ́dún. Nítorí náà oṣù mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ àti owó ìmójútó ọmọ fi wà, kì í ṣe méjìlá. Ọkọ̀ á di ₦19,800 lóṣù tẹ́ ẹ bá pín in sórí ọdún, ti ọmọ á di ₦11,250. Bódìjà wá gòkè dé ₦55,450. Ti ìtòsí ṣì fi nǹkan bíi ₦8,000 jù ú, àmọ́ ìyàtọ̀ náà ti kéré débi pé ó yẹ kéèyàn wo nǹkan mìíràn kó tó yàn.

Ọ̀gá Ṣèsírò

Òótọ́ ni, mo gbà. Ẹ fi ti Adúróṣinṣin rọ́pò tèmi.

Àlùbáríkà Stores

Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ṣe? Ẹ ti ka kẹ́místìrì, ẹ máa po ọṣẹ olómi. Wọ́n ń ta ohun èlò rẹ̀ lọ́jà, ẹ máa pò ó nílé, ẹ máa tà á fún ilé-ìwé àti ilé oúnjẹ, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Adúróṣinṣin

Kò burú, àmọ́ ìbéèrè wọn kọ́ nìyẹn, wọ́n ti dárúkọ ohun mẹ́ta tó wà nílẹ̀. Fún ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà ọṣẹ, pípò rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Àwìn ni. Ilé-ìwé tó gba ọṣẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní lè má sanwó títí di ìdajì sáà, ẹni tí owó rẹ̀ kò sì tó láti po ìkejì àti ìkẹta kí ti àkọ́kọ́ tó wọlé yóò dúró lójú ọ̀nà. Tó bá sì fẹ́ gbé e sórí igbá ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, àfi kó lọ bá NAFDAC.

Tíṣà Kúnlé

Ẹ lọ sí ilé-ìwé, mà. Ti ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ yẹn kò le. Ẹ kàn forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú dìgírì yín, ẹ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ti di olùkọ́ tí ìjọba mọ̀ nìyẹn. Àti pé ₦60,000 yẹn kò bófin mu rárá, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù láti 2024. Ẹ sọ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, olùkọ́ láàbù

Kúnlé, o gbìyànjú, àmọ́ ibi méjì ló yẹ ká tún ṣe kí ìyá yìí má baà náwó sófo.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìdánwò TRCN wà lóòótọ́, orí kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n dìgírì kẹ́místìrì lásán kò gbé èèyàn wọ ibẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni wọ́n fi ń pín àwọn tó fẹ́ ṣe é sí ìpele. NCE ló wà nísàlẹ̀, dìgírì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àti PGDE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí ẹni tó ti ní dìgírì mìíràn ń gbà, wà lókè rẹ̀, másításì àti dókítà nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni wá lé wọn. Ẹni tó ka kẹ́místìrì gan-an, tí kì í ṣe ẹ̀kọ́ olùkọ́ni pẹ̀lú kẹ́místìrì, PGDE ni ọ̀nà tirẹ̀. Ó lè ṣe é ní yunifásítì, ó lè ṣe é ní NOUN, ó sì lè ṣe é ní NTI tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Kàdúná ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ibùdó káàkiri. Ti NTI àti NOUN ló bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mu jù, torí ìwé ni wọ́n ń fúnni láti kà nílé, ìpàdé ojúkojú wọn kì í sì í jẹ́ ojoojúmọ́. Kò sí èyí tó dín ní ọdún kan nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè bá yín gba PGDE ní oṣù mẹ́ta, ayédèrú ìwé ló fẹ́ tà.

Lẹ́ẹ̀kejì, òfin owó oṣù tó kéré jù yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àdúgbò ló bọ́ sábẹ́ ìyẹn. Ẹ ka àwọn òṣìṣẹ́ kẹ́ ẹ tó bá wọn jà, àti aṣọ́nà àti alásè ni kẹ́ ẹ kà pẹ̀lú o.

Ní báyìí, ìyá wa, ohun tí màá fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé yín lọ. Láàbù ilé-iṣẹ́ á fún yín ní ìrírí, àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ míì kì í fẹ́ gba ẹni tó ti kọjá 35 síbi iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì torí òru, ó lè ṣòro láti rí òmíràn. Iṣẹ́ olùkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní 2022 sọ pé olùkọ́ ìjọba lè ṣiṣẹ́ di ẹni ọdún 65, tàbí kó lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ní ìpínlẹ̀ tó bá ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀, ẹni tó wọlé ní 43 ṣì ní ọdún 22 níwájú, ìyẹn sì tó kéèyàn gba owó ìfẹ̀yìntì tó nítumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kó PGDE àti TRCN jọ kẹ́ ẹ tó máa fojú sọ́nà fún TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ ilé-ìwé girama ìjọba ìpínlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣí ojú òpó wọn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló máa ń jẹ́, ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tíì pé kì í rí àyè wá a nígbà yẹn.

Ìyá Mẹ́ta Òjóò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́, èwo nínú méjèèjì? Àti pé ẹ̀rù ìwé yìí ń bà mí. Mi ò fọwọ́ kan bíúrẹ́ẹ̀tì láti 2007.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, olùkọ́ láàbù

Bíúrẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni yóò gbé yín yọ. Tíṣà tó lè ṣàlàyé kẹ́místìrì lórí pátákó pọ̀. Ẹni tó lè kó ọmọ 30 wọ láàbù, kí wọ́n ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe WAEC láìfọ́ ìgò, tí àbájáde wọn sì bára mu, kò pọ̀. Àwọn ilé-ìwé máa ń háyà onítọ̀hún lọ́tọ̀ nígbà tí WAEC bá kù oṣù méjì.

Ohun tẹ́ ẹ máa tún kọ́ kò ju méjì lọ. Táítíréṣọ̀n ni àkọ́kọ́, wíwá èròjà inú iyọ̀ tí a kò mọ̀ ni ìkejì. Nínú táítíréṣọ̀n, ibi tí ọmọ ti ń pàdánù máàkì jù ni ẹ gbájú mọ́. Wọ́n á fi omi lásán fọ bíúrẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní fi ásíìdì tó máa wọ inú rẹ̀ ṣàn án, omi tó kù nínú rẹ̀ á sì sọ ásíìdì di fẹ́lẹ́, iye tí wọ́n máa kà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á fi ásíìdì kún bíúrẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbàgbé láti yọ àrọ tí wọ́n fi rọ ọ́, ẹ̀kán rẹ̀ á sì máa já bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n á fi ẹnu fẹ́ èyí tó kù ní ṣónṣó pípẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó gbogbo iye tí wọ́n rí papọ̀, wọ́n á pín in, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tí ìyàtọ̀ wọn kò ju 0.20 cm³ lọ nìkan ló yẹ kí wọ́n pín. Tẹ́ ẹ bá lè fi ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ṣe èyí ní láàbù ẹnì kan, tí ẹ ṣe é títí iye mẹ́ta yín fi ń bára mu, ọwọ́ yín ti padà bọ̀ sípò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹ̀ sí Bódìjà. Ẹ bi wọ́n bóyá láàbù wọn ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n mú yín wọ ibẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi. Ẹ wo bóyá ìgò ohun èlò ní orúkọ lára, bóyá eruku ti bo bíúrẹ́ẹ̀tì. Tí láàbù ìtòsí bá jẹ́ yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ṣẹ́ sí, ₦8,000 tẹ́ ẹ máa jèrè níbẹ̀ lóṣù kò tó ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù.

Ọ̀gá Ṣèsírò

Níbí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n ti yà. Ọmọ ọdún mẹ́rin àti PGDE lọ́dún kan náà, tí bàbá kò sí nílé. Wákàtí méjì tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà Bódìjà lójúmọ́ ni wákàtí tí ìyá yìí máa fi kàwé. Ẹ gba ti ìtòsí fún ọdún PGDE yẹn, kẹ́ ẹ wá lọ sí Bódìjà lẹ́yìn náà. Sátidé ni kẹ́ ẹ fi wá láàbù.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, olùkọ́ láàbù

Mi ò lè bá yín jà lórí wákàtí. Àmọ́ Bódìjà lè máà dúró.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo já wọ̀ ọ́. Àbúrò mi obìnrin náà fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, nọ́ọ̀sì ni. Láìsẹ́nsì rẹ̀ ti kú láti 2018. Ṣé òun náà ní láti ṣe PGDE?

Adúróṣinṣin

Rárá o, mà, ti àwọn olùkọ́ ni PGDE. Ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni kí wọ́n lọ. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún láìsẹ́nsì ṣe, wọ́n sì máa ń béèrè ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní MCPDP. Kí àbúrò yín tètè ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn kí wọ́n tó wá iṣẹ́, torí kò sí ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa gba nọ́ọ̀sì tí láìsẹ́nsì rẹ̀ ti kú. Ẹ bá wọn dá ìbéèrè tiwọn sílẹ̀ níbòmíràn, àwọn nọ́ọ̀sì á dáhùn.

Mọ̀ńpẹ́ Ìfẹ̀yìntì

Ìyá Mẹ́ta, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi yín, ó sì ní àsìkò. Ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ ní báńkì, ṣé wọ́n yọ owó ìfẹ̀yìntì nínú owó oṣù yín? Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ ní àkáǹtì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN. Nọ́ńbà yẹn kì í kú. Tẹ́ ẹ bá gba iṣẹ́ tuntun, òun náà lẹ máa fún wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí òmíràn fún yín. Tí nọ́ńbà bá ti di méjì, owó tuntun lè máa sá lọ síbi tí wọn kò lè kó o pọ̀ mọ́ ti àtijọ́, àtúnṣe rẹ̀ sì máa ń pẹ́.

Tíṣà Kúnlé

Ó dáa! Ẹ lọ gba gbogbo ẹ̀, ẹ fi san owó PGDE.

Mọ̀ńpẹ́ Ìfẹ̀yìntì

Gbogbo ẹ̀ kọ́, Kúnlé. Ẹni tí kò tíì pé 50, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n dá dúró, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gba ohun tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ìyókù á dúró di ìgbà ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa, mà: ẹni tí kò níṣẹ́ ni òfin yẹn wà fún. Tẹ́ ẹ bá ti wọ iṣẹ́ tuntun, tí agbanisíṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì náà, ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo owó yẹn fún PGDE, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà á kẹ́ ẹ tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n máa béèrè lẹ́tà tẹ́ ẹ fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ àti èyí tí agbanisíṣẹ́ fi gbà á, NIN, BVN, àti àkáǹtì báńkì. Bákan náà, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ṣáájú oṣù keje 2019 gbọ́dọ̀ lọ fún wọn ní ìsọfúnni rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú NIN kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ gba àkọsílẹ̀ owó inú àkáǹtì náà pẹ̀lú, kẹ́ ẹ wò ó lóṣooṣù. Àwọn ilé-iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ kan máa ń yọ owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láìfi ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí oṣù tó ṣófo, ẹ mú ìwé owó oṣù yín àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì.

Ìyá Mẹ́ta Òjóò

Mi ò ronú kan ìyẹn rárá! Wọ́n yọ ọ́ lóṣooṣù. Àmọ́ orúkọ ilé bàbá mi ni mo fi ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ti ọkọ mi ló wà lórí NIN báyìí. BVN ṣì wà ní ti bàbá mi.

Mọ̀ńpẹ́ Ìfẹ̀yìntì

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń há. Ẹ̀rọ tó ń fi NIN wé BVN kò mọ̀ pé ẹ ti lọ́kọ. Ohun tẹ́ ẹ máa kó jọ ni ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbúra kóòtù pé orúkọ méjèèjì jẹ́ ti ènìyàn kan náà, àti ìkéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn. Ẹ ra ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà mẹ́rin ó kéré tán, torí gbogbo ọ́fíìsì ló máa gba ojúlówó. Ẹ tún BVN ṣe ní báńkì, lẹ́yìn náà ẹ lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ má ṣe wá ẹni tó máa yí orúkọ orí dìgírì tàbí WAEC padà. Wọn kì í ṣe é torí ìgbéyàwó, ìwé mẹ́ta wọ̀nyẹn ló máa so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, olùkọ́ láàbù

Lórí èyí, èmi máa ń gba àwọn obìnrin nímọ̀ràn láti fi orúkọ orí dìgírì forúkọ sílẹ̀ fún PGDE àti TRCN, kí gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ lè jẹ́ orúkọ kan.

Mọ̀ńpẹ́ Ìfẹ̀yìntì

Kí NIN wá yàtọ̀ sí ìwé olùkọ́? Ojú òpó iṣẹ́ ìjọba máa ń fa orúkọ jáde láti inú NIN fúnra rẹ̀. Orúkọ NIN ni kí wọ́n lò láti ìsinsìnyí lọ, kí ìkéde sì wà nínú fáìlì.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, olùkọ́ láàbù

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ibùdó PGDE kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù, mà. Èyíówù tí wọ́n bá gbà, ẹ má fi ọ̀kan kọ fọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ fi ìkejì ṣe ìdánwò.

Kí n fi ọ̀rọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kún un. Wọ́n máa bi yín nípa ọdún 11 yẹn. Ẹ má fi iṣẹ́ èké dí àlàfo náà nínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ ní ìlà kan: «2014 títí di ìsinsìnyí, ìtọ́jú ọmọ nílé». Tẹ́ ẹ bá ti kọ́ ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn, ẹ kọ kíláàsì wọn àti ohun tí wọ́n gbà nínú WAEC sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé á ní kẹ́ ẹ kọ́ kíláàsì kan fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20. Ẹ má yan orí ẹ̀kọ́ ńlá. Ẹ mú yíya àdàlù sọ́tọ̀ ní SS1, ẹ gbé iyọ̀ àti iyanrìn àti omi lọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan yà á níwájú wọn. Kí nóòtù ẹ̀kọ́ yín wà lórí ìwé kan, pẹ̀lú ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe tí ẹ̀kọ́ bá parí. Ẹ sì béèrè ìlànà ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lò, torí ìjọba àpapọ̀ kéde àtúnṣe rẹ̀ ní 2025, kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má fi ojúlówó ìwé-ẹ̀rí sílẹ̀ sọ́wọ́ ilé-ìwé kankan. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fún wọn, kí wọ́n fi ojú rí ojúlówó, kẹ́ ẹ gbé e padà. Àwọn kan máa ń dì í mú kí tíṣà má baà lè lọ láàárín sáà, ẹ sì máa nílò rẹ̀ fún PGDE. Ẹ ka ìwé àdéhùn dé ibi tí wọ́n kọ iye àsìkò tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún wọn ṣáájú kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ sáà kan gbáko, tẹ́ ẹ sì lọ ṣáájú, owó oṣù tó kẹ́yìn lè wọlẹ̀.

Adúróṣinṣin

PGDE ní ìkọ́ni ìdánrawò nínú. Ẹ bi ibùdó bóyá wọ́n máa gbà kẹ́ ẹ ṣe é ní ilé-ìwé tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Tí wọn ò bá gbà, ẹ máa nílò ìyọ̀ǹda fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ jẹ́ kó wọ inú ìwé àdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìyá Mẹ́ta Òjóò

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti yọ ilé-iṣẹ́ nǹkan mímu kúrò. Mo lọ wo láàbù méjèèjì lánàá. Ti Bódìjà ní omi, wọ́n ní bíúrẹ́ẹ̀tì 12, ìwé àkọsílẹ̀ ohun èlò sì wà. Ti ìtòsí ní yàrá àti tábìlì, omi kò yọ, bíúrẹ́ẹ̀tì méjì péré ni mo rí, ẹnu ọ̀kan ti ṣẹ́. Ọ̀gá wọn ní àwọn máa ń yá láàbù ilé-ìwé mìíràn lò nígbà WAEC. Bódìjà ní àwọn lè dúró dè mí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, nọ́ńbà mi ṣì wà. Ọ̀sẹ̀ yìí ni màá lọ sí kóòtù. Ìṣòro kan ló kù: ilé-iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ tó gbà mí nígbà yẹn ti kógbá sílé, mi ò sì ní lẹ́tà tí wọ́n fi gba ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀ mi. Èyí tí èmi kọ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé báńkì tí mo jókòó sí lè kọ ọ́ fún mi?

Mọ̀ńpẹ́ Ìfẹ̀yìntì

Báńkì lè sọ pé àwọn kọ́ ni agbanisíṣẹ́ yín, òótọ́ sì ni wọ́n máa sọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà, ẹ ṣàlàyé pé agbanisíṣẹ́ ti kógbá sílé, ẹ so lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ nígbà náà mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwé owó oṣù tó kẹ́yìn àti àkọsílẹ̀ báńkì tó fi oṣù tí owó dáwọ́ dúró hàn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé dá yín lóhùn ohun tí wọ́n máa gbà dípò rẹ̀, ẹ má gba ti ẹnu. Tẹ́nìkan bá ti la irú èyí kọjá níbí, kó bá wa sọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Ṣèsírò

Ẹ bá wa ṣí ìjíròrò yìí sílẹ̀ títí èsì yẹn yóò fi wọlé. Àti pé, mà, ẹ béèrè lọ́wọ́ Bódìjà bóyá àwọn náà máa ń dín owó kù fún ọmọ òṣìṣẹ́. A ò bi wọ́n. Tí wọ́n bá gba ìdajì lọ́wọ́ ọmọ kékeré, tó sì ń bá yín lọ tó ń bá yín bọ̀, ₦11,250 ìmójútó á kúrò, owó ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò wọlé, ìṣírò wa á sì yí padà.